Ẹ yí ìgò náà sẹ́yìn kí ẹ tó gbé e fún alátọ̀gbẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra omi èso inú ìgò kan fún màmá mi, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìgò pé àwọn kò fi ṣúgà kún un, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí màmá yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti lọ sókè gan-an. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìgò náà sẹ́yìn.

Ní ẹ̀yìn, wọ́n kọ kabohaídréètì gíráàmù 11, wọ́n sì kọ ṣúgà gíráàmù 11 sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣebí 11 ò pọ̀." Àṣé mílílítà 100 péré ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ mílílítà 500 ló wà nínú ìgò tí màmá mu tán. Ẹ sọ 11 di ìlọ́po márùn-ún, ó di 55. Ṣíbí tíì kan máa ń gba bíi gíráàmù 4 ṣúgà, torí náà ìgò yẹn tó ṣíbí 14. Wọn ò parọ́ o, ṣúgà inú èso fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun náà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè.

Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ìlà ṣúgà nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú bisikíìtì oníyọ̀ kan, tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 60. Tí ṣúgà bá jẹ́ 5 nínú gíráàmù 100, tí kabohaídréètì sì jẹ́ 70, ẹni tó jẹ ọ̀rá náà tán jẹ ṣúgà 3 péré, àmọ́ ó jẹ kabohaídréètì 42. Ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù níbẹ̀, ara á sì sọ ọ́ di ṣúgà. Ìlà kabohaídréètì ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má ro méjèèjì pọ̀.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ sábà máa ń ka gíráàmù 15 kabohaídréètì sí ìwọ̀n kan. Ìgò màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n mẹ́rin. Iye tó yẹ kí ẹnì kan jẹ lẹ́ẹ̀kan, dókítà rẹ̀ ni yóò sọ.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ṣúgà alátọ̀gbẹ bá já wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ, tí ó ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohun mímu tí kò ní ṣúgà ò lè gbà á. Omi èso kan náà yẹn ló nílò, nǹkan bíi mílílítà 140, kí wọ́n sì tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.