Ìdánwò Oníṣẹ́jú 12 Lórí ‘a’, ‘an’ àti ‘the’

Nínú ìwé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ JSS 2, àfàìmọ̀ ni báírò pupa tíṣà kì í dúró jù lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ: ‘a’, ‘an’ àti ‘the’. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé lè ní “Mo ra ìwé”, kó má fi nǹkan kan kún un, kí gbólóhùn rẹ̀ sì pé. Gẹ̀ẹ́sì kì í gba irú èyí. Ohun tó bá ṣeé kà, tó sì jẹ́ ẹyọ kan, kò gbọdọ̀ dá dúró láìsí ọ̀rọ̀ kékeré kan níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni “I bought book” ti ń wá, kódà lọ́wọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ pé.

Tíṣà tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ wọ́n lè ṣètò ìdánwò ráńpẹ́ fún píríọ́ọ̀dù oníṣẹ́jú 40 kan. Yóò fi ìṣẹ́jú 5 ṣàlàyé, 12 fún ìdáhùn, 10 fún máàkì, á sì fi 13 tó kù tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ìbéèrè 18 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Kí ló dé tí kò fi fún wọn ní ààbọ̀ wákàtí? Ọmọ tó bá ní àkókò rẹpẹtẹ á máa ka òfin sókè, á máa yọjú wo ti ẹnì kejì. Ohun tó ti mọ́ ọn lára gan-an ni ìdánwò yìí ń wá. Tíṣà á kọ́kọ́ dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú 4, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tó àwọn ọmọ.

Oríṣi ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́fà mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ dá lórí ìró. ‘An hour’ la ń wí nítorí pé a kì í pe ‘h’ yẹn, ‘a university’ sì ni nítorí pé ìró ‘y’ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ‘u’ la kọ. Ọmọ tó ti há ‘a, e, i, o, u’ sórí á ṣubú sí méjèèjì. (Àmọ́ kí tíṣà tẹ́tí sí ọmọ tó kọ ‘an hospital’ kó tó fa igi: ó lè jẹ́ pé ‘h’ ló máa ń gbé mì nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀.) Oríṣi kejì dá lórí ohun tí a ti mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀. Ìkẹta kan ‘each’, ‘many’, ‘much’ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ti ‘go to school’, níbi tí a kì í fi nǹkan kan síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ó yẹ kó di ọjọ́ mìíràn. Ó máa da ọ̀rọ̀ rú.

Oríṣi kejì ni tíṣà fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣìṣe jù. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “I saw ___ dog.” Ọmọ tó kọ ‘a’ gbà á, ẹni tó kọ ‘the’ náà gbà á, nítorí kò sí ohun tó sọ fún wọn bóyá a ti mọ ajá ọ̀hún. Bí tíṣà bá fa igi sí ọ̀kan nínú wọn, ìyà àìtọ́ ló fi jẹ ọmọ. Kó tún un kọ báyìí: “A dog and a goat came into our yard. ___ dog bit my brother.” Ajá náà ti wọlé kó tó bù wọ́n jẹ, ‘The’ nìkan ló sì bá ibẹ̀ mu.

Ó gbọ́dọ̀ po àwọn oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra. Bí gbogbo ìbéèrè ‘much’ àti ‘many’ bá wà nísàlẹ̀, ọmọ tí àkókò tán mọ́ lọ́wọ́ á dà bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Tó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi sílẹ̀ lófìfo, àkókò ló kéré, kì í ṣe òye.

Nígbà máàkì, ẹni tó jókòó ti ọmọ ni yóò gba ìwé rẹ̀. Àpótí mẹ́ta ni wọ́n á yà sísàlẹ̀, ọ̀kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọmọ méjì ló gba 11 nínú 18. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 6, 4 àti 1. Ti ẹnì kejì jẹ́ 2, 4 àti 5. Máàkì kan náà ni, ṣùgbọ́n ‘each’ àti ‘much’ ló ń da ẹni àkọ́kọ́ láàmú, ẹnì kejì sì nílò kó máa ka ọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́ ìró tó bẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹni tó gba nǹkan bí 6 lápapọ̀ lórí ìbéèrè tó ní ìdáhùn mẹ́ta mẹ́ta lè jẹ́ pé ó kàn ń mú ọ̀kan ni láìwò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdánwò náà á tún padà wá, ètò rẹ̀ kò ní yí, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yí: ‘honest man’ á rọ́pò ‘hour’, ‘uniform’ á sì rọ́pò ‘university’. Ẹni tó há ‘an hour’ sórí láìgbọ́ ìró rẹ̀ á tún kọ ‘a honest man’.