Ọ̀rọ̀ Àgbà Kan, Fídíò Kékeré Márùn-ún

Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbọ́ ìtàn ìlú wọn báyìí. Fídíò ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni wọ́n ń wò jù, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí Wáásáàpù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ àgbà tí ó gùn lọ́wọ́ máa ń fẹ́ gé e sí kéékèèké. Bí ẹni gé ìrèké ni ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe ń gé e: wọn a wo aago, wọn a gé ìṣẹ́jú kan, wọn a gé òmíràn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde kì í sábà yé ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń sọ òdì-kejì ohun tí àgbà náà sọ.

Ìbéèrè ni ó yẹ kí a fi gé ọ̀rọ̀, kì í ṣe aago. Fídíò kékeré kan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó sì dá dúró fún ẹni tí kò tíì rí mẹ́rin yòókù. Kí ọ̀nà náà lè hàn kedere, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan tí a gbọ́ ní Ṣábẹ̀ níbí, kí a sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó bá àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 38. Ó sọ èyí tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ó sì sọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ fún un. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, a sì ń kọ ìṣẹ́jú sí etí ìwé. Iṣẹ́ yìí ń tánni ní sùúrù, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ létí nìkan yóò mú ibi tí ó dùn jù, yóò sì fo ibi tí ó ṣe pàtàkì jù. Orí ìwé ni a ti rí i pé ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bàbá ti sọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì para pọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, a pa àkájọ ìwé náà tì, a sì bi ara wa pé: ìbéèrè wo ni ọmọ tí kò sí níbẹ̀ yóò bi Bàbá? A rí mọ́kànlá. A yọ èyí tí kò ní ìdáhùn tí ó kún, a da èyí tí ó jọra pọ̀, márùn-ún ni ó ṣẹ́kù. Èkíní: níbo ni ojú irin parí sí? Èkejì: ta ni ó tẹ́ ẹ? Ẹ̀kẹta: ta ni ó ń bọ́ àwọn àlejò tí ọkọ̀ ń kó wá? Ẹ̀kẹrin: kí ni ó yí padà ní Ṣábẹ̀ nígbà tí irin kọjá lọ sí Párákú? Ẹ̀karùn-ún: bí ojú irin bá jẹ́ ẹyọ kan, báwo ni ọkọ̀ méjì kò ṣe ń pàdé lọ́nà? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni iṣẹ́ tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀ títí tí ibùdókọ̀ iwájú yóò fi ránṣẹ́ pé ọ̀nà ṣófo.

Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè márààrún kò tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ìdáhùn èkíní wà ní ìṣẹ́jú kẹjọ àti ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún. Ìdáhùn ẹ̀kẹta fọ́n káàkiri. Ó tó ìdajì ọ̀rọ̀ náà tí kò wọ inú fídíò kankan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ẹni tí kò bá lè fi nǹkan kan sílẹ̀ kò lè gé ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣe é gbé sínú ìwé fídíò bí ó ti wà. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, Bàbá sọ pé: «Bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ni ó wá dúró sí, kò sì lọ mọ́, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó wá gbé e kúrò níbẹ̀.» Gbogbo wa tí a jókòó níbẹ̀ ni ó yé. Ṣùgbọ́n kí ni «ibẹ̀»? Kí ni «ó»? Ta ni «wọ́n»? Ẹni tí ó bá rí gbólóhùn yìí nínú fóònù kò lè mọ̀. Nítorí náà, a fi orúkọ rọ́pò gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a fi ọdún kún un, a sì gbé ìdáhùn síwájú. Ìwé fídíò èkíní nìyí:

«Fún ọdún 25, Ṣábẹ̀ ni ojú irin parí sí. Ní ọdún 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Kútọ̀nú. Ní ọdún 1911 ó dé Ṣábẹ̀, ó sì dúró. Títí di ọdún 1936, tí irin fi dé Párákú, ẹrù tí ó bá bá ọkọ̀ ojú irin wá, tí ó sì ń lọ sí òkè, níbí ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn a já a, wọn a tún un dì, wọn a sì wá ọ̀nà mìíràn gbé e lọ. Ẹrù tí ó ń ti òkè bọ̀, níbí ni ó ti ń wọ ọkọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọkọ̀ kàn ń gba Ṣábẹ̀ kọjá nígbà náà. Ìdí irin ni Ṣábẹ̀ jẹ́.»

Bí a bá kà á pẹ̀lẹ́, kò pé ìṣẹ́jú kan. Aago ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kà á sókè, nítorí pé ojú máa ń yára ju ẹnu lọ. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe kà á kíákíá. Gbólóhùn kan ni kí ẹ yọ. Ní ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ojú yóò rí: ibùdókọ̀, irin tí koríko bò, ọwọ́ Bàbá lórí àwòrán àtijọ́. Gbólóhùn tí kò bá ní àwòrán kankan, ẹ jẹ́ kí a rí ojú Bàbá fúnra rẹ̀ kí ó máa sọ ọ́.

Ibi tí ewu wà jù lọ ni ọ̀rọ̀ tí ó ní «ṣùgbọ́n» nínú. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, Bàbá sọ pé ọkọ̀ ojú irin mú owó wá, pé ọjà gbòòrò, pé ìlú kún. Ó wá sọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan nípa oníṣòwò kan tí ó sùn gbàgbé ọkọ̀. Lẹ́yìn ìtàn náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì sí i, ni ó tó wí pé: «Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí ó tẹ́ irin náà bóyá wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí baálé kó ènìyàn wá ni, baálé sì kó wọn.» Ọmọ kan nínú kíláàsì ti gé apá àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, nítorí pé ó dùn, ó sì pé ìṣẹ́jú kan géérégé. Bí a bá jẹ́ kí ó jáde bẹ́ẹ̀, Bàbá ì bá ti di ẹni tí ń yin ìjọba amúnisìn níwájú àwọn tí ó mọ̀ pé wọ́n kó bàbá wọn lọ ṣiṣẹ́ tipátipá. Iṣẹ́ tipátipá yìí kò sì kúrò lábẹ́ òfin ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso títí di ọdún 1946.

Láti ìgbà náà, kí a tó gé ohunkóhun, a máa ń fi bírò pupa yí gbogbo «ṣùgbọ́n», «àmọ́» àti «àfi bí» ká nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn, kódà bí ó bá wà lójú ewé mìíràn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wọ inú fídíò kan náà, tàbí kí a fi méjèèjì sílẹ̀. Fídíò kejì wa bẹ̀rẹ̀ láti orí «ṣùgbọ́n» náà gan-an: ó sọ ti àwọn tí wọ́n kó lọ ṣáájú, owó àti ọjà sì tẹ̀ lé e. Ìtàn oníṣòwò tí ó sùn gbàgbé ọkọ̀ kò wọlé, bí ó tilẹ̀ pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ Faransé sí ìsàlẹ̀ fídíò ní ìṣòro kan sí i. Nínú fídíò kẹta, Bàbá ń sọ nípa ìyá rẹ̀ pé: «Ó máa ń jí ní òru, ó máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ìdí irin.» «Ó» ti Yorùbá kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Faransé kò sì lè sọ gbólóhùn náà láì yan ọ̀kan. Ọmọ tí ó túmọ̀ rẹ̀ láti inú fídíò tí a ti gé, láì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú, sọ ìyá Bàbá di ọkùnrin. Inú odindi ọ̀rọ̀ ni kí a ti túmọ̀, kí a tó gé e. Bí ẹ bá sì ń kọ Yorùbá sójú fídíò, ẹ wò ó lórí fóònù méjì tàbí mẹ́ta: àwọn ètò mìíràn máa ń gbé àmì ohùn kúrò lórí ẹ tàbí ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀, wọn a gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí ṣófo dípò rẹ̀.

Ohun kan wà tí fídíò kékeré kò lè gbé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ ni Bàbá fi kí wa, tí ó fi ka ìran rẹ̀, tí ó fi sọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí ó mọ̀. Kò sí èyí tí ó wọ inú fídíò márùn-ún náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni a ti mọ ìdí tí a fi lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Nítorí náà, odindi ìṣẹ́jú 38 wà nípamọ́ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ìdílé Bàbá, ìkejì ní ilé ìwé, fídíò kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ní ìparí ibi tí ènìyàn ti lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ọ̀kankan tó jáde, a gbé márààrún lọ síwájú Bàbá. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin ni ó fọwọ́ sí. Nínú ẹ̀kẹrin, a ti kọ ọ́ pé Ṣábẹ̀ «kú» nígbà tí irin lọ sí Párákú. Ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kò sọ pé ó kú. Mo ní ó dákẹ́.» A wo inú ìwé. Lóòótọ́, «dákẹ́» ni ó wà níbẹ̀. A tún un kọ.