Ọjọ́ Méje Inú Ìwé Onílé: Kì Í Ṣe Ọjọ́ Tí Ẹ Máa Kó Jáde

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìyá kan tó ń ránṣọ ní Kúbúwà, l'Ábújá, fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́ sí wa lórí Wọ́sáàpù. Ọmọ wọn ti túmọ̀ ẹ̀ pé, "Ẹ kó jáde láàrin ọjọ́ méje." Ìyá ti ń di ẹrù. A ní kí wọ́n dúró ná.

Fọ́tò yẹn ò pé. Ìsàlẹ̀ ìwé ti gé kúrò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni déètì máa ń wà. A ní kí wọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kí wọ́n ya iwájú àti ẹ̀yìn. Orí ìwé la kọ́kọ́ wò. Tí orúkọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́ àti òǹtẹ̀ bá wà níbẹ̀, kóòtù ló ń pè yín. Tó bá jẹ́ orúkọ lọ́yà nìkan, ọ̀rọ̀ ò tíì dé kóòtù. Ti ìyá, lọ́yà onílé ló kọ ọ́.

Ohun tí ìwé náà sọ gan-an nìyí: "Tí ẹ ò bá tíì kúrò lẹ́yìn ọjọ́ méje tí ẹ gba ìwé yìí, màá lọ sí kóòtù láti gba ilé mi." Ṣé ẹ rí i? Onílé ló máa ṣe nǹkan lẹ́yìn ọjọ́ méje, kóòtù ló sì ń lọ. Kò láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn pa tàbí ká páànù òrùlé. Àṣẹ kóòtù nìkan ló lè lé ayálégbé jáde.

Ibi kejì tí ọmọ yẹn ti ṣì í ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sáfíìsì. Nínú ìwé òfin, kì í ṣe iṣẹ́ tàbí ìsìn. Fífi ìwé lé yín lọ́wọ́ ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni wọ́n kọ sórí ìwé, ọjọ́ 10 ni ìyá gbà á. Ọmọ ka ọjọ́ méje láti ọjọ́ 3, ó ní ó ti parí. Rárá o. Ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ là ń wò, a kì í sì í ka ọjọ́ yẹn fúnra ẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ 11 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 17 ló parí. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba ìwé sórí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

A tún bi ìyá bóyá wọ́n ti gba kúìtì nótíìsì ṣáájú. Ní Ábújá, tí àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ìyá ti gba tiwọn lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ 2024, ọdún owó ilé wọn sì parí ní ìparí oṣù Kejì. Onílé tẹ̀lé òfin níbẹ̀, a ò fi pa mọ́ fún ìyá.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta, akódà kóòtù mú sámọ́ńsì wá. Èyí ló ní ọjọ́ tí kò ṣeé fi ṣeré: Thọ́sìdeè, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Onílé ní wọ́n tún jẹ òun ní owó ọdún kan. Ìyá ò fẹ́ fọwọ́ sí i. A ṣàlàyé pé fífọwọ́ sí i túmọ̀ sí pé ẹ gbà á, kì í ṣe pé ẹ jẹ gbèsè. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, kóòtù lè ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹni tí kò bá yọjú, kóòtù lè dájọ́ lẹ́yìn ẹ̀, kó san owó tí kò jẹ.

Ìyá kó àdéhùn ilé, kúìtì nótíìsì àti gbogbo risíìtì dání, ẹ̀dà méjì méjì. Aago mẹ́jọ wọ́n ti débẹ̀, wọ́n sọ fún akọ̀wé kóòtù pé ògbufọ̀ Yorùbá làwọn fẹ́. Risíìtì fi hàn pé wọ́n ti san owó ọdún yẹn tán. Onílé fa ọ̀rọ̀ gbèsè sẹ́yìn, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí oṣù mẹ́ta láti wá ilé mìíràn.

Ìtumọ̀ tí àwa ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò gbé lọ́yà lè lọ sí Àjọ Lígàl Éèdì, wọ́n ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ìwé bá dé ni kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé.