Ibo Gan-an Ni Iṣẹ́ Ìpìlẹ̀ Dé?

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ́lé sí Ìbàdàn mọ ìdáhùn kan dáadáa. Á pe ẹni tó ń bá a bójú tó iṣẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo la bá ìpìlẹ̀ dé?" Ẹ̀gbọ́n á ní, "Àbúrò mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdáhùn yẹn kan náà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ló tóbi ju ohun tí ènìyàn lè fojú wò lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ibi tó dé.

Pípín ni ó yẹ kí á pín in. Kí á tó gé ẹ̀ka kan sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ṣé ẹni tí kò bá wọn ṣe é lè dé ibẹ̀, kó wò ó, kó sì sọ pé ó ti parí tàbí kò tíì parí? Bí kò bá lè sọ ọ́, kí á má gé e. Bó bá lè sọ ọ́, kí á tún wò ó bóyá ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ bọ́ sí, tàbí bóyá iṣẹ́ tó kàn gbọ́dọ̀ dúró dè é. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, kí á gé e.

Bí a bá fi èyí wo ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́ta, ẹ̀ka méje ni a ó rí: wíwọn ilẹ̀ àti kíkan èèkàn, gbígbẹ́ kòtò, dída kọnkéré sí ìsàlẹ̀ kòtò, títo búlọ́ọ̀kù, kíkó yẹ̀pẹ̀ sí àárín kí á sì gún un kó le, rírì páìpù omi ìdọ̀tí, àti dída jámánì flọ̀. Pípo símẹ́ǹtì kan mọ́ iyanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin kò sí níbẹ̀, nítorí àwọn tó ń da kọnkéré náà ló ń pò ó, ní wákàtí kan náà. Páìpù kéré ní tirẹ̀, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dá dúró: pọ́ḿbà ló ń rì í, kì í ṣe birikìlà, jámánì flọ̀ sì ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, fífọ́ ni a ó fọ́ ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn pípín, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ìpìlẹ̀ dé. Àwọn ẹ̀ka ni kó sọ ọ́. Bí ẹ̀ka kan bá ti bẹ̀rẹ̀, ìpìlẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Bí gbogbo wọn bá parí, ó parí. Bí ẹ̀ka kan bá há, tí kò sí òmíràn tó lè tẹ̀síwájú, iṣẹ́ dúró nìyẹn, kí á sì kọ ohun tó dá a dúró síwájú rẹ̀.

Iye ẹ̀ka nìkan tún lè tàn wá. Ká ní nínú 100 náírà owó ìpìlẹ̀, wíwọn ilẹ̀ gba 2, kòtò gba 8. Bí méjèèjì bá parí, ẹni tó ń ka ẹ̀ka á ní 2 nínú 7, èyí tó ju ìdá mẹ́rin iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, 10 péré nínú 100 ni a ṣe. Owó ni kí á fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀ka tí kò bá sì tíì parí pátápátá, òdo ni kí á kọ fún un.

Kí á fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí "ó parí" jẹ́. Jámánì flọ̀ tí a dà lónìí kò parí lónìí. A ó máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ọjọ́ 28 sì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń wọn agbára kọnkéré.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí nǹkan bá yí padà. Bí omi bá sun nínú kòtò, fífa omi di ẹ̀ka tuntun. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kódà bí ìṣirò wa bá lọ sẹ́yìn. Ẹ̀ka tí a bá fagi lé, kí á yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀; kí á má kà á mọ́ èyí tó parí. Bí páìpù bá ń jò lẹ́yìn tí a ti kọ "ó parí", ẹ̀ka rẹ̀ ṣí padà, ìpìlẹ̀ náà sì ṣí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìwé bá ní ìpìlẹ̀ ń lọ, tí ẹ̀ka kankan kò sì yẹsẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, irọ́ ti wọ inú ìwé náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti òkèèrè, ẹ má béèrè ibi tí iṣẹ́ dé mọ́. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó parí láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì gba fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi owó èyí tó kàn ránṣẹ́.