Ìka Àgbà Lórí Táípù

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ó wà lórí iná, ó ń ṣàn. Ibi tí a bá dà á sí ni í gbà. Bí a bá pọ́n ọn sínú ewé tí ó sì tutù, ó dì, a sì lè gbé e rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Raymond Cattell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe pín ọgbọ́n sí méjì ní ọdún 1943. Ọgbọ́n ṣíṣàn ni a fi ń yanjú ohun tí a kò rí rí. Ọgbọ́n dídì ni ti ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ tí a ti kọ́ mọ́ra.

Láti bí ọgbọ̀n ọdún ni ọgbọ́n ṣíṣàn ti í bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀, ìyára sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ lè máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún.

Kí ni ti àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìyára ńkọ́? Ní ọdún 1984, Timothy Salthouse ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí àwọn 74 tí wọ́n mọ táípù tẹ̀, láti ẹni ọdún 19 títí dé ẹni ọdún 72. Ó fún wọn ní iṣẹ́ kékeré kan: bí lẹ́tà kan bá yọ, kí wọ́n tẹ apá òsì, bí òmíràn bá yọ, kí wọ́n tẹ apá ọ̀tún. Àwọn àgbà lọ́ra níbẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n tẹ ìwé gidi. Ẹ gbọ́ o: ọjọ́ orí kò dá ẹnikẹ́ni dúró!

Ojú ni àṣírí náà wà. Bí ìka àgbà ti ń tẹ lẹ́tà kan, ojú rẹ̀ ti lọ jìnnà níwájú ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà ìka rẹ̀ ti ń múra kí àyè rẹ̀ tó kàn. Báwo ni a ṣe mọ̀? Salthouse bo ìwé náà, ó ń fi lẹ́tà díẹ̀ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó ku lẹ́tà kan ṣoṣo, iṣẹ́ gbogbo wọn falẹ̀, àǹfààní ìwòwájú àgbà sì pòórá.

Nítorí náà, ọ̀gá ọ́fíìsì tí ó bá fi iṣẹ́ òsì-ọ̀tún dán ẹni ọgọ́ta ọdún wò yóò lé e lọ. Èyí tí ó bá gbé lẹ́tà ọ́fíìsì fún un kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àsọdùn. Gbogbo ọdún tí àgbà náà fi tẹ táípù kò mú un yára nínú iṣẹ́ òsì-ọ̀tún yẹn. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tí iṣẹ́ náà nira fún ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà, kí ó jẹ́ pé àwọn ògbóǹtarìgì nìkan ni Salthouse bá nídìí rẹ̀.