Ìdí tí Google fi ń pààrọ̀ àkọlé ojú ewé

Èèyàn lè fara balẹ̀ kọ àkọlé sí ojú ewé rẹ̀, kó wá a lórí Google, kó sì bá àkọlé mìíràn níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ olè. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni Google gbé ètò tuntun tó ń yan àkọlé jáde. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 87 ni òun ń lo èyí tí onílé kọ.

Àkọlé tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìyókù. Ẹ jẹ́ ká mú ilé-ìwé kan tó ń kéde ìgbaniwọlé lọ́dọọdún. Akọ̀wé yí ọdún padà lójú ewé, ó gbàgbé ti inú kóòdù:

```
<title>Ìgbaniwọlé 2024</title>
<h1>Ìgbaniwọlé 2025</h1>
```

Google ka méjèèjì, wọn ò bára mu. Ó lè mú ti `<h1>`, àkọlé gàdàgbà tí òǹkàwé ń rí, torí pé òun ló bá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mu.

Kí akọ̀wé náà jẹ́ kí méjèèjì sọ ohun kan náà. Bí ewé bá pọ̀, kí kálukú ní àkọlé tirẹ̀, láìto ọ̀rọ̀ kan náà jọ gègèrè.

Kò sí kóòdù tó lè ka èèwọ̀ náà fún Google pátápátá. Lẹ́yìn àtúnṣe, ó lè gba ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà wá ka ewé náà.