Bọ́tìnnì Tí Ọmọ Ń Tẹ̀ Tí Tẹlifíṣàn Kò Dá Lóhùn

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá àwọn ọmọ pè mí láti ilé pé dẹkódà ti bàjẹ́. Ó ní òun ti pa á, òun ti tàn án, òun ti fa wáyà rẹ̀ yọ, òun sì ti tún un kì bọ̀ ọ́, síbẹ̀ ojú tẹlifíṣàn dúdú bí ìkòkò, No Signal nìkan ni ó kọ síbẹ̀. A ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó máa ń bá wa tún nǹkan ṣe ládùúgbò. Ó dé, ó gba rìmóòtù tẹlifíṣàn, kì í ṣe ti dẹkódà, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ INPUT sí, ó yan HDMI 1, àwòrán sì yọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Mọ́mì, kò sóhun tó ṣe dẹkódà yín," ló wí. "Ẹnì kan ló gbé tẹlifíṣàn kúrò lójú ibi tí dẹkódà ti ń wọlé."

A san owó ọkọ̀ rẹ̀, a san owó iṣẹ́. Ẹni tó ṣe é kò jìnnà. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì wà níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ki ọwọ́ sí abẹ́ tẹlifíṣàn, ó tún ń wá bọ́tìnnì náà kiri.

Tẹlifíṣàn tiwa jẹ́ LG pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n to bọ́tìnnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: èyí tó ń tan án tó ń pa á, INPUT, MENU, èyí tó ń gbé ohùn sókè sódò, àti èyí tó ń yí ìkànnì. Àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn kò ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn, níbi tí àgbà kì í wò. Ọmọdé a máa rí i, nítorí pé abẹ́ tẹlifíṣàn gan-an ni ojú rẹ̀ bá ṣe déédéé bí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì.

Ọ̀nà láti ti àwọn bọ́tìnnì yìí pa wà nínú tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì. Lórí LG tiwa, mo tẹ MENU lórí rìmóòtù, mo lọ sí apá tí wọ́n kọ LOCK sí, mo sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi dé Key Lock, mo sì yí i láti Off sí On. Bí ó bá bèèrè nọ́ńbà àṣírí kí ó tó jẹ́ kí ẹ wọlé, 0000 ni ilé iṣẹ́ náà máa ń fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ẹnì kan nínú ilé bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Lórí LG mìíràn, abẹ́ OPTION ni Key Lock wà. Lórí àwọn Samsung ọdún 2011, ẹ óò wọ MENU, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà General, ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí Panel Lock. Orúkọ kan náà, Panel Lock, ni Toshiba ń lò. Àwọn mìíràn pè é ní Child Lock tàbí Button Lock. Bí tiyín kò bá sí nínú ohun tí mo dárúkọ, ẹ máa wá ọ̀rọ̀ náà Lock káàkiri inú ètò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo tẹlifíṣàn ló ní in.

Nígbà tí mo yí tiwa sí On, mo dìde, mo lọ tẹ INPUT fúnra mi. Ojú tẹlifíṣàn kọ KEY LOCK, àwòrán kò sì kúrò níbi tó wà. Ẹ má fi ìdánwò yìí sílẹ̀. Ó ṣe é ṣe kí ẹ ti yí ohun mìíràn tó jọ ọ́, nítorí pé nínú LOCK kan náà ni àwọn tó ń ti ìkànnì àti eré tí kò yẹ fún ọmọdé pa wà. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá: ohun tí ojú ń wò ni wọ́n ń tì, wọ́n á sì bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Key Lock kò bá ohun tí ojú ń wò jà. Bọ́tìnnì ara tẹlifíṣàn nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òye yẹn ni yóò jẹ́ kí gbogbo ìyókù yé wa. Bí ẹ bá tú tẹlifíṣàn, ẹ óò rí i pé orí pátákó kékeré kan ni àwọn bọ́tìnnì wà, wáyà tín-ínrín ló sì so ó mọ́ pátákó ńlá tí ọpọlọ tẹlifíṣàn wà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kò ní wáyà tirẹ̀. Wáyà kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ọ̀kan, ìwọ̀n iná tó wà nínú wáyà náà a wálẹ̀ sí ibi kan, bí ẹ bá tẹ òmíràn, a wálẹ̀ sí ibi mìíràn. Ọpọlọ tẹlifíṣàn ń wo ìwọ̀n iná náà ní gbogbo ìgbà, òun ló fi ń mọ̀ pé ohùn ni wọ́n tẹ̀, kì í ṣe ìkànnì. Key Lock kò já wáyà yìí, kò sì di bọ́tìnnì mú. Bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, iná náà á wálẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ọpọlọ á rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kó má ṣe ohunkóhun sí i.

Inú ibi tí tẹlifíṣàn ń tọ́jú ìrántí rẹ̀ sí, níbi tí àwọn ìkànnì tó ti wá sílẹ̀ wà, ni àṣẹ náà wà. Nítorí náà, bí NEPA bá mú iná lọ, bí ẹ bá fa púlọ́ọ̀gì yọ, bí ẹ kó lọ sí ilé mìíràn pàápàá, bí ẹ bá tún tan án, ó ṣì wà ní títì.

Rìmóòtù kò gba orí wáyà yẹn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò rí ló ń rán sí ojú kékeré tó wà níwájú tẹlifíṣàn, ọ̀nà mìíràn sì ni ìyẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀yin fi lè máa yí ohun tí ẹ bá fẹ́ nígbà tí ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì lásán. Bí rìmóòtù bá sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ náà, ìtìpa yẹn kò ní wúlò. Dẹkódà pẹ̀lú, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ tẹlifíṣàn. Èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú, ẹ gbé e sókè.

Bọ́tìnnì tó ń tan tẹlifíṣàn tó ń pa á ló ń ṣe ségesège jùlọ. Lórí àwọn LG tó ní Key Lock yìí, bí tẹlifíṣàn bá ti wà ní pípa, bọ́tìnnì ara rẹ̀ ṣì lè tan án. Lórí àwọn Toshiba kan, ọmọ lè fi bọ́tìnnì pa á, ṣùgbọ́n rìmóòtù nìkan ló lè jí i padà. Ẹ dán tiyín wò lọ́nà méjèèjì.

Ọ̀gá tó wá sílé wa sọ ìwúlò kan fún mi tí n kò ronú kàn. Ó ní àwọn tẹlifíṣàn kan wà tí mẹ́nù ń yọ fúnra rẹ̀, tàbí tí ohùn ń lọ sókè láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn onílé á ní ẹ̀mí burúkú ni, tàbí kí wọ́n ní pátákó ńlá ti jóná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rinrin tàbí eruku ló wọ inú bọ́tìnnì kan tí kò jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀n iná inú wáyà wálẹ̀, ọpọlọ rò pé ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́. Bí irú rẹ̀ bá dé iwájú òun, Key Lock ni òun kọ́kọ́ ń tàn. Bí wàhálà náà bá dáwọ́ dúró, tàbí bí ọ̀rọ̀ KEY LOCK bá ń yọ léraléra nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ tẹlifíṣàn, òun ti mọ̀ pé pátákó kékeré ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ńlá. Bí ohùn bá ṣì ń lọ sókè, òun á wo rìmóòtù bóyá bọ́tìnnì tirẹ̀ ló há, kí òun tó tú ohunkóhun.

Ìtìpa yìí ní ewu kan, orí rìmóòtù ló sì wà. Ibi tí ẹ gbà wọlé lọ tì í ni ẹ óò gbà lọ ṣí i, ọmọ kan náà tí ẹ torí rẹ̀ tì í ló sì ń sọ rìmóòtù sínú garawa omi. Bí rìmóòtù kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, ẹ kọ orí rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ funfun tàbí àwọ̀ àlùkò tó ń ṣẹ́jú nínú fóònù, rìmóòtù ń sọ̀rọ̀, ojú tẹlifíṣàn ni kò gbọ́. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ kankan, ó ṣeé ṣe kó ti kú, ẹ nílò òmíràn.

Ẹ má kàn sọ fún ẹni tó ń tà á pé tẹlifíṣàn LG ni. Nọ́ńbà wà lára rìmóòtù, nígbà mìíràn nínú ibi tí bátìrì ń wọ̀. Ti LG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AKB, ti Samsung pẹ̀lú BN59. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Rìmóòtù àjùmọ̀lò tí wọ́n ń tà lọ́jà lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn lè yí ohùn àti ìkànnì láì lè wọ mẹ́nù dé ibi tí Key Lock wà. Àwọn fóònù kan náà wà tó ní iná rìmóòtù lórí, irú èyí tó pọ̀ nínú Redmi, wọ́n sì lè gbà yín sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹni tó bá ra tẹlifíṣàn tòkunbọ̀ lè bá ìtìpa yìí nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló tì í. Tẹlifíṣàn tó ti lo ayé rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì máa ń ní ètò kan tí wọ́n fi ti bọ́tìnnì pa, tí ohùn kò fi ní kọjá ìwọ̀n kan, nígbà mìíràn tí mẹ́nù pàápàá kò fi ní ṣí. Wọ́n á ní bọ́tìnnì rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ gbé ohùn dé òpin, ẹ wọ mẹ́nù. Bí kò bá gbà, ẹni tó ń tà á ni kó ṣí i níwájú yín.

Fún tẹlifíṣàn tí kò ní ìtìpa rárá, mo ti rí ẹni tó gé páálí kékeré, tó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú bọ́tìnnì. Ó ń ṣiṣẹ́, bí páálí náà kò bá ti bo ojú tí rìmóòtù ń wò tàbí àwọn ihò tí ooru ń gbà jáde lẹ́yìn.

Àmọ́ ìtìpa kò dá ọwọ́ ọmọ dúró. Ọmọ tiwa ṣì ń lọ síbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n kíyè sí i pé bí ó ti ń na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, ọwọ́ kejì ló fi ń di etí tẹlifíṣàn mú, tí tẹlifíṣàn sì ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ní kí ọ̀gá padà wá, ó gbẹ́ ògiri, ó sì fi irin gbé e kọ́ sókè. Ọmọ náà dúró lábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́, kò tó o. Ó wò mí lójú, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá rìmóòtù lábẹ́ tìmùtìmù.